Ìwé sí Alhaja: mo fẹ́ gba ₦80,000 ṣáájú nínú owó oṣù mi, báyìí ni màá sì ṣe san án

Ìlọrin,
Ọjọ́ 9, oṣù Karùn-ún, ọdún 2025.

Alhaja wa,

Àsàláámù aléékúmù. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àmójútó wa. Mo mọ̀ pé ọjọ́ Jímọ̀ kì í fún yín láàyè, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ lè kà á nígbà tí ọwọ́ yín bá dilẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kọjá ohun tí mo lè dúró sọ lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì yín.

Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo fẹ́ gba ₦80,000 ṣáájú nínú owó oṣù mi. Kí ẹ máa gé e fún oṣù márùn-ún, láti ìparí oṣù Karùn-ún yìí títí dé ìparí oṣù Kẹsàn-án. Mo ti ṣírò rẹ̀ sísàlẹ̀, kọ́bọ̀ kan ò sọnù níbẹ̀.

Lálẹ́ Sátidé, ọjọ́ 3 oṣù yìí, ìjì jà ní Òmù-Àrán, ó sì ká òrùlé ilé ìyá mi lọ. Ìyá mi ò fara pa, Alhamudulilahi. Yàrá tí wọ́n ń sùn àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni páànù wọn ṣí. Ní Mọ́ńdè tí mo ní ìsinmi, mo wọ mọ́tò ní gáréèjì Ọ̀fà, mo lọ wò wọ́n. Orí àpótí aṣọ wọn ni mo bá wọn, wọ́n fà á sí igun kan ṣoṣo tí páànù ṣẹ́ kù lé lórí, wọ́n gbé abọ́ ìfọṣọ méjì síwájú. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi, wọ́n ní ṣé mo ti jẹun. Mo gun àkàbà, mo fọwọ́ kan orí ògiri. Amọ̀ ibẹ̀ ti rọ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ bí ìyẹ̀fun tí wọ́n po tí omi pọ̀ nínú rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti bà mí. Wọ́n fi símẹ́ńtì rẹ́ ilé náà lára, ṣùgbọ́n amọ̀ ni bàbá mi fi mọ ọ́. Tí òjò bá ń rọ̀ sórí ògiri amọ̀ tí kò lórùlé, láti òkè ló ti máa ń yọ́ bọ̀ wálẹ̀, símẹ́ńtì ara rẹ̀ á sì máa ṣí kúrò pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Òjò oṣù Kẹfà ò ní pẹ́ dé. Bí ògiri yẹn bá wó, kì í tún ṣe ọ̀rọ̀ páànù mọ́. Tàpólì ni a ta bò ó báyìí, ti aládùúgbò ni, ó sì ti ní òun máa nílò rẹ̀.

Káfíńtà bá wa gùn ún, ó sì ṣírò rẹ̀ lójú èmi àti ẹ̀gbọ́n mi. Páànù tuntun 18, ọ̀kọ̀ọ̀kan ₦5,000, ₦90,000 nìyẹn. Igi ₦27,000. Ìṣó ₦6,000. Owó iṣẹ́ káfíńtà ₦20,000. Owó ọkọ̀ tó máa kó ẹrù dé ilé ₦5,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦148,000. Àwọn páànù tí ìjì gbé ṣubú, a ti ṣà wọ́n, èyí tó ṣe é nà ni a máa fi bo ọ̀dẹ̀dẹ̀, iye yìí ì bá tún ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Ọ̀fà mú ₦40,000 wá, àbúrò mi mú ₦15,000, èmi náà sì ní ₦13,000 nílẹ̀. ₦68,000 nìyẹn. Ohun tó kù ni ₦80,000 tí mo ń tọrọ.

Kí n tó wá bá yín, mo kọ́kọ́ lọ bá olórí àjọ wa. Àwa mẹ́jọ là ń dá ₦10,000 lóṣù, a bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Kẹta, èmi ni mo sì máa kó kẹ́yìn, nínú oṣù Kẹwàá. Mo bẹ ẹni tó máa kó ti oṣù yìí pé kó jẹ́ ká pààrọ̀. Ó ní ọmọ òun ń ṣègbéyàwó, ó ti náwó náà tán kó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Mi ò lè bínú sí i.

Ti àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù, mi ò ní padà síbẹ̀ láéláé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín, torí òun ló jẹ́ kí n jókòó ṣírò owó yìí kí n tó kọ̀wé. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó dé ọ̀dọ̀ yín, mo gba owó ṣáájú nígbà kan. Wọ́n fún mi kíá, mo dúpẹ́, kò sẹ́ni tó sọ bí a ṣe máa san án. Nígbà tí oṣù parí, wọ́n gé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. ₦4,000 ni mo mú délé lóṣù yẹn. Ni mo bá yáwó lórí fóònù ká lè jẹun, mo tún yá òmíràn láti fi san ti àkọ́kọ́, wọ́n sì ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àna mi àti sí lèmọ́mù àdúgbò wa pé olè ni mí. Ojú tì mí débi pé mi ò lè lọ kírun ní mọ́ṣáláṣí wa fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ẹni tó yá mi lówó níbi iṣẹ́ ò ṣe mí níbi. Àìjọ-sọ bí a ṣe máa san án ló fa gbogbo rẹ̀.

Mo sì mọ̀ pé ẹ̀yin náà ti rí tiyín. Ẹni tó gba owó lọ́wọ́ yín lọ́dún tó kọjá tí a ò rí i mọ́ lọ́jọ́ kejì, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà yẹn lẹ ti sọ pé ẹ ò fún ẹnikẹ́ni lówó ṣáájú mọ́. Mi ò bá yín jiyàn. Ohun tí mo ń bẹ̀ ni pé kí ẹ wo ọ̀nà tí owó yìí máa gbà padà sọ́dọ̀ yín kí ẹ tó dá mi lóhùn.

Owó oṣù mi jẹ́ ₦84,000, ọjọ́ 28 lẹ sì máa ń san án. Bí mo ṣe fẹ́ kí ẹ máa gé e rèé:

Ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún: ẹ gé ₦10,000, mo gba ₦74,000, gbèsè ku ₦70,000.
Ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà: ẹ gé ₦20,000, mo gba ₦64,000, gbèsè ku ₦50,000.
Ọjọ́ 28 oṣù Keje: ẹ gé ₦20,000, mo gba ₦64,000, gbèsè ku ₦30,000.
Ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ: ẹ gé ₦20,000, mo gba ₦64,000, gbèsè ku ₦10,000.
Ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án: ẹ gé ₦10,000, mo gba ₦74,000, gbèsè tán.

Ẹ ó rí i pé kò dọ́gba. Owó oṣù yìí la máa fi ṣe Iléyá ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà. Mi ò ní ra àgbò lọ́dún yìí, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ á wọ aṣọ. Nínú oṣù Kẹsàn-án, iléèwé máa wọlé, owó ilé ìwé ọmọ méjì wà lọ́rùn mi. Oṣù mẹ́ta tó wà láàárín ni mo lè fún ìgbànú le, ìdí nìyẹn tí mo fi kó èyí tó pọ̀ síbẹ̀. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa pàápàá ò fẹ́ kí gbogbo ohun tí wọ́n bá gé nínú owó òṣìṣẹ́ lóṣù kan ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Ìdá kan nínú mẹ́ta tèmi jẹ́ ₦28,000, kò sì sí oṣù tí ₦20,000 tèmi máa dé ibẹ̀.

Kí ẹ má baà rò pé màá tún padà wá tọrọ nínú oṣù Keje, ẹ wo bí ₦64,000 ṣe máa tó wa. Oúnjẹ ₦36,000, àjọ ₦10,000, ọkọ̀ àti oúnjẹ ọ̀sán àwọn ọmọ níléèwé ₦8,000, iná àti owó fóònù ₦4,000. ₦58,000 nìyẹn, ₦6,000 á ṣẹ́ kù fún àìsàn tàbí àlejò. Mo ti san owó ilé láti oṣù Kìíní. Mi ò ka ohun tí ìyàwó mi ń rí lórí wàrà tó ń tà ní Kúléńdé mọ́ ọn, torí ọjọ́ míì wà tí wàrà kan á bàjẹ́ sí i lọ́wọ́.

Tí mo bá ṣe iṣẹ́ àṣekún nídìí ààrò, ẹ lè fi owó rẹ̀ kún èyí tí ẹ máa gé, kí gbèsè tètè tán. Tó bá sì ṣẹlẹ̀ pé mo kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kí oṣù Kẹsàn-án tó pé, tàbí tí àìsàn dá mi dùbúlẹ̀, àjọ tí mo máa kó nínú oṣù Kẹwàá jẹ́ ₦80,000. Mo ti sọ fún olórí àjọ lójú ìyàwó mi pé iye tó bá kù fún yín ni kó kọ́kọ́ yọ níbẹ̀, kí ó tó fún mi ní ìyókù. Ó gbà, ó sì ní ẹ lè pe òun kí ẹ fi etí ara yín gbọ́.

Mo mọ̀ pé ẹ kì í gba èlé, mi ò sì ní fi èyí lọ̀ yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ sílẹ̀. Nínú Súrà Bákárà, áyà 282, Ọlọ́run ní kí àwọn tó bá yá ara wọn lówó di àkókò kan kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì pe ẹlẹ́rìí. Mánájà àti Bàbá tó ń po fúláwà lè ṣe ẹlẹ́rìí wa. Kí Mánájà máa kọ iye tó gé àti iye tó kù sínú ìwé owó oṣù ní gbogbo ọjọ́ 28, kí èmi náà máa fọwọ́ sí i.

Tí ₦80,000 bá pọ̀ jù fún yín lásìkò yìí, torí mo mọ̀ pé fúláwà ò dúró lójú kan, ₦60,000 náà á gbé wa délé. Káfíńtà ti gbà láti dúró de ₦20,000 tirẹ̀ títí àwa ọmọ fi máa rí i. A ó wá gé ₦10,000 lóṣù Karùn-ún, ₦15,000 lóṣù Kẹfà, ₦15,000 lóṣù Keje, ₦10,000 lóṣù Kẹjọ àti ₦10,000 lóṣù Kẹsàn-án.

Ó di ọdún kẹrin tí mo ti ń ṣọ́ ààrò yín lóru, mi ò tíì bèèrè owó lọ́wọ́ yín rí. Ẹ jọ̀ọ́ mà, tí ẹ bá lè dá mi lóhùn kó tó di Tọ́sìdeè, màá ra páànù náà ní Òmù-Àrán fúnra mi lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, màá sì mú rìsíìtì rẹ̀ wá fún yín.

Èmi ni, ọmọ yín,
Ráfíù, nídìí ààrò.