Ìpè sí gbogbo ará ilé: ẹ jẹ́ ká dáwó jọ, ká tún ọgbà wa ṣe kí ọdún tó wọlé

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 3 oṣù kọkànlá, 2025

Sí gbogbo ojúlé mẹ́rìnlá àti àwọn oníṣọ́ọ̀bù mẹ́ta iwájú ilé, Ìbarà, Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tá a jọ ń gbé,

A kí yín kú iṣẹ́ òòjọ́, a sì kí yín kú ìmúra ọdún. Òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ọyẹ́ ò ní pẹ́ dé, àwọn ọmọ wa tó wà l'Ékòó àti Ìbàdàn sì ti ń pè pé àwọn ń bọ̀ wálé. A kọ ìwé yìí nítorí pé ojú ilé wa ò dáa mọ́, bẹ́ẹ̀ owó tá a máa fi tún un ṣe kì í ṣe èyí tó lè wọ ẹnikẹ́ni lọ́rùn bí gbogbo wa bá dá a.

Ẹ dúró lẹ́nu géètì láàárọ̀ ọ̀la, kẹ́ ẹ wo ògiri iwájú dáadáa. Ẹrẹ̀ pupa tí òjò ń ta sí i ti gùn ún dé orúnkún. Lókè ẹrẹ̀ náà, ewédò dúdú ti bo ọ̀dà tí kò sẹ́ni tó rántí ọdún tá a kùn ún. Géètì ti dípẹtà débi pé kò ṣeé fọwọ́ rà. Ìdérí gọ́tà tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti là sí méjì, ibẹ̀ ni ọmọ ojúlé kẹsàn-án kó ẹsẹ̀ sí lóṣù tó kọjá nígbà tó ń pọnmi bọ̀, tí orúnkún rẹ̀ fi bó. Lọ́jọ́ tá a sọmọ lórúkọ ní ojúlé karùn-ún, àlejò méjì kọjá ilé wa lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n tó wá pe ìyá ọmọ lórí fóònù pé ilé àpatì kan ni àwọn ń rí níbi tí wọ́n júwe fún àwọn. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn wá wọra. Ilé tí èèyàn tó lé ní àádọ́ta ń sùn sí lálaalẹ́, tí ìyá ń fọ́ ata níbẹ̀ láàárọ̀, tí ọmọ ń kàwé lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò yẹ kí wọ́n máa pè é ní ilé àpatì.

Àwa mẹ́rin tí ẹ yàn ní ìpàdé oṣù kẹsàn-án lọ bá bàbá onílé. Bàbá gbọ́ wa. Wọ́n fi ₦40,000 sílẹ̀, wọ́n sì ní ká lo yanrìn tó ṣẹ́kù lẹ́yìn sálańgá láìsanwó. A bi wọ́n lójúkojú bóyá wọ́n máa tìtorí iṣẹ́ yìí fowó kún owó ilé, nítorí a mọ̀ pé ìbéèrè tó máa kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ yín lọ́kàn nìyẹn. Wọ́n ní àwọn ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. A ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n kọ ọ́, wọ́n sì buwọ́ lù ú. Ìwé náà wà lọ́wọ́ akápò, ẹnikẹ́ni ló lè lọ wò ó.

Bá a ṣe fẹ́ ṣe é nìyí. Ògiri iwájú àti ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ á funfun, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ti iwájú, láti ilẹ̀ dé orúnkún, á jẹ́ àwọ̀ èlú, kí ẹrẹ̀ má baà tún hàn lára rẹ̀ nígbà tí òjò ọdún tó ń bọ̀ bá dé. Géètì náà á gba àwọ̀ èlú kan náà. Kí ọ̀dà tó kan ògiri, a ó kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ewédò yẹn kúrò, ká fomi fọ̀ ọ́, ká sì jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹni tó bá kun ọ̀dà lé ewédò ń fowó ṣòfò ni, torí kò ní pẹ́ tó fi máa wú, táá sì máa ṣí. Ojúlé kẹfà ló là wá lóye lórí èyí. Iṣẹ́ ọ̀dà kíkùn ni wọ́n ń ṣe jẹun, wọ́n sì ti ní àwọn ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa, oúnjẹ ọ̀sán nìkan ni kí ilé gbé fún àwọn àti ọmọṣẹ́ wọn kan. Ẹ bá wa kí wọn.

Ní ti ohun tá a máa so sókè, a ò fẹ́ ra àwọn òdòdó ọ̀rá olówó iyebíye tí oòrùn máa pa láwọ̀ láàárín oṣù kan. Abẹ́òkúta la wà, Ìtòkú ò jìnnà sí wa. Ìyá télọ̀ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù àárín ti ń kó àjákù àdìrẹ jọ láti ọdún tó kọjá, ó ti kún àpò méjì. A tú u wò. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ wà níbẹ̀, oníko wà níbẹ̀, òmíràn ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, àmọ́ àwọ̀ rẹ̀ ṣì ń dán. Ìyá ní ká gé wọn sí onígun mẹ́ta, kí gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìka ọwọ́ nínà kan, ká ká etí wọn, ká wá rán wọn mọ́ okùn, ká fa okùn náà láti orí géètì dé ìloro, kó tún gba òkè ọ̀dẹ̀dẹ̀ já sí ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n rán mẹ́fà gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, wọ́n fi há ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ sí i lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ ó mọ ìdí tí inú wa fi ń dùn. Ẹni tó bá lè di abẹ́rẹ́ mú, àgbà tàbí ọmọdé, la ń bẹ̀ kó wá bá wa rán tiẹ̀.

Àpáta ẹ̀yìnkùlé ńkọ́? Àwọn kan ní ká kun ún ní ọ̀dà funfun. A bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ ká dán an wò. Àpáta náà dáa bó ṣe wà, àpáta ṣáà ni ìlú wa fi ń jẹ́ orúkọ tó ń jẹ́. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni koríko àti ọ̀rá omi tó yí i ká. A ó ro etí rẹ̀, a ó gbọn ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́, a ó sì to ìkòkò òdòdó mẹ́fà sí ẹsẹ̀ rẹ̀ níbi tí kò ti ní dí àwọn tó ń sá aṣọ àti èlùbọ́ lọ́wọ́. A ò ní ra òdòdó kankan. Ẹ̀ka ajéòfòlé àti pèrègún wà lóko bàbá onílé, tí a bá ti gé e tá a rì í mọ́lẹ̀, táwọn ọmọ sì ń bomi rin ín, á hù. Ìyá ojúlé kejì máa fún wa ní etí erin, ìkòkò kan á sì jẹ́ ti efinrin, kí ẹni tó ń se ọbẹ̀ lóru lè rí i já. A máa dá ihò sí ìdí ìkòkò kọ̀ọ̀kan kí omi má baà dúró sí i, torí ẹ̀fọn tá a ní tẹ́lẹ̀ ti tó wa.

Iná sólà oníwáyà méjì la máa so, ọ̀kan lójú géètì, ọ̀kan lẹ́bàá àpáta. Sólà la yàn kó má baà sí pé ta ni iná ń jẹ nínú mítà rẹ̀. Gbogbo wa la rántí wàhálà tí gílóòbù ìloro dá sílẹ̀.

Ó wá ku owó. Ojúlé kọ̀ọ̀kan á san ₦3,000. Ẹ lè san án lẹ́ẹ̀kan, ẹ sì lè pín in sí méjì, ₦1,500 kó tó di ọjọ́ 15 oṣù yìí, ₦1,500 tó kù kó tó di ọjọ́ 30. Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan á san ₦5,000, torí àwọn ni wọ́n kọjú sí títì, ọjà wọn sì ni ojú ilé tó mọ́ máa kọ́kọ́ bá polówó. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti gbà. Èyí jẹ́ ₦42,000 láti ojúlé mẹ́rìnlá àti ₦15,000 láti ṣọ́ọ̀bù. Tá a bá fi ₦40,000 bàbá onílé kún un, ₦97,000 ni gbogbo rẹ̀.

A ti lọ bèèrè iye ọjà. Rọ́bà ńlá ọ̀dà funfun méjì jẹ́ ₦44,000, gálọ́ọ̀nù ọ̀dà olóròóró aláwọ̀ èlú kan ₦15,000, àpò sìmẹ́ńtì kan fún ìdérí gọ́tà ₦10,500. Iná sólà méjèèjì jẹ́ ₦14,000, ìkòkò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ₦7,200. Búrọ́ọ̀ṣì, rólà, okùn àti òwú á gba ₦4,000. ₦2,300 tó ṣẹ́kù ni a ó fi ra omi mímu fún àwọn tó máa ṣiṣẹ́.

A mọ̀ pé ọkàn àwọn kan ò balẹ̀. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, a dáwó ẹ̀rọ omi nínú ọgbà yìí kan náà, a ò rí ẹ̀rọ, a ò sì gbọ́ ìṣirò owó títí ẹni tó gbà á fi kó lọ. Èmi tí mò ń kọ ìwé yìí náà san tèmi nígbà yẹn, ó sì ń dùn mí títí dòní. Nítorí náà, ẹnì kan ò ní dá owó mú lọ́tẹ̀ yìí. Ìyá ojúlé kẹta, tí ẹ ti fọkàn tán láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń gba àjọ ilé, ni akápò. Ojúlé kọkànlá á máa kọ orúkọ ẹni tó san sílẹ̀. Èèyàn méjì ló gbọ́dọ̀ jọ lọ sọ́jà nígbà gbogbo. Gbogbo rìsíìtì la máa lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn kíṣìnnì lọ́jọ́ tá a bá rajà, á sì wà níbẹ̀ títí ọdún tuntun. Ẹni tó bá fẹ́ fowó ránṣẹ́ á rí nọ́ńbà àkáǹtì akápò lórí Wáàsáàpù ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún ẹlòmíràn lówó, kódà bó bá ní àwa la rán òun.

Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò gbà á lásìkò yìí, kó má ṣe sá fún wa. Kó pe akápò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ̀rọ̀ náà ò ní dé etí kẹta. Ọ̀wẹ̀ làwọn baba wa fi ń kọ́lé, iṣẹ́ ọwọ́ sì ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Ẹni tó bá wá ha ògiri tàbí tó ro ẹ̀yìnkùlé ti san tiẹ̀ nìyẹn. A ò ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sára ògiri pé ó jẹ gbèsè.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí ilé wa, ọ̀ṣọ́ yìí kì í ṣe ti Kérésì nìkan. Gbogbo ohun tá a máa so ló máa wà níbẹ̀ títí di ọdún ààwẹ̀ àti Iléyá 2026. A ò ní gbé àmì ẹ̀sìn kankan sójú géètì. Ẹnu ọ̀nà kálukú ni kó ti ṣe tiẹ̀ bó ṣe wù ú.

Ìpàdé á wà ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 9 oṣù yìí, láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, lẹ́bàá àpáta. Ẹ gbé àpótí ìjókòó yín dání. Bí nǹkan kan bá wà nínú ètò yìí tí kò tẹ́ yín lọ́rùn, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti sọ ọ́, torí a ò tíì ra ohunkóhun. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 6 oṣù kejìlá, láti aago méje àárọ̀, la máa ha ògiri, tá a máa da ìdérí gọ́tà, tá a sì máa ro ẹ̀yìnkùlé. Ọjọ́ kejì rẹ̀, lọ́wọ́ ọ̀sán, la máa rán àdìrẹ ní ṣọ́ọ̀bù ìyá télọ̀. Ọjọ́ 13 la máa kun ọ̀dà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó aṣọ yín kúrò lórí okùn ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ sì di àwọn ọmọ kéékèèké mú. Bó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 20, a ó tan iná.

Ẹni tí iṣẹ́ ò ní jẹ́ kó wá sípàdé, kó rán ọmọ tàbí ìyàwó ilé rẹ̀, tàbí kó kọ èrò rẹ̀ sórí Wáàsáàpù ilé kó tó di alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Àwa ni tiyín,
Akọ̀wé ilé (ojúlé kẹrin), lórúkọ ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́rin

Ẹ tún gbọ́ o: ẹni tó bá ní àkàbà gígùn, kó jọ̀ọ́ sọ fún ojúlé kẹfà. Tiwọn ò dé òkè géètì.