Àkópọ̀ Ìpàdé Ọjà, Oṣù Kẹrin sí Oṣù Kẹfà 2025, fún Ẹ̀yin Ọ̀gá Tí Ẹ Kò Lè Wá

Àjàṣẹ́, Sátidé, ọjọ́ 12 oṣù keje 2025

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìrìn àjò. Ojú ìwé mẹ́rìndínláàádọ́ta la gbé sára ògiri ní ìpàdé àná, wákàtí mẹ́ta la sì fi sọ̀rọ̀ lé e lórí. Ohun tí ẹ máa fi pinnu nìkan ni mo kó síbí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà: ọjà tà, ṣùgbọ́n owó ẹ̀ kò tíì dé ọwọ́ wa tán, Kétu ló sì fa ọwọ́ wa sẹ́yìn.

Mílíọ̀nù 186 sẹ́fà la tà. Ó fi mílíọ̀nù 15 ju ti àsìkò kan náà lọ́dún tó kọjá, àmọ́ ó dín mílíọ̀nù 14 sí 200 tí a fojú sùn. Àjàṣẹ́ ta 98, ó fi 3 lé lórí tirẹ̀. Ṣábẹ̀ẹ́ ta 37, ó fi 2 lé. Kétu tí a fi 70 sí lọ́rùn, 51 ló tà. Ká ní Kétu pé ni, 205 là bá máa sọ lónìí.

Kétu. Ohun mẹ́ta ló pàdé níbẹ̀. Mọ́tò akẹ́rù dákẹ́ láti ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko títí oṣù kẹfà fi parí, nínú òjò. Mọ́tò tí a háyà jẹ 1,150,000 sẹ́fà. Èkejì, àwọn oníbàárà tó ń gba apá Ìlárá wọlé láti Nàìjíríà, naira ni wọ́n ń ná, láti ìgbà tí naira sì ti já sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023 ni gaàrí wa ti ń wọ́n sí wọn lọ́wọ́. Ẹni tó máa ń ra àpò mẹ́wàá tẹ́lẹ̀, márùn-ún ló ń rà báyìí.

Ẹ̀kẹta ló ń dùn mí jù, ìyẹn àwìn. Gbèsè tó wà níta káàkiri ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ mílíọ̀nù 29. Mílíọ̀nù 17 nínú ẹ̀, Kétu ni, ó sì ti lé ní 60 ọjọ́. Ní ojú ìwé 31, ọ̀gá ẹ̀ka náà fi fọ́tò ìwé àwìn rẹ̀ hàn wá. Bíírò pupa ló fi yí orúkọ àwọn tí kò tíì san ká. Orúkọ kan wà níbẹ̀ tó gba gaàrí lẹ́ẹ̀mẹrin láì tíì san ti àkọ́kọ́. Ọ̀gá ẹ̀ka ní, “Bí mo bá ní mi ò ta àwìn, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi á tà á.” Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n gaàrí tí a kò rí owó rẹ̀ gbà, a ti ná owó lórí ẹ̀gẹ́, igi ìdáná àti àpò rẹ̀ ná.

Ṣábẹ̀ẹ́. Ẹ bá wa kí wọn, owó lọ́wọ́ ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ta gbogbo rẹ̀. Àmọ́ owó kájú ló gbé ọjà yẹn: 15 ní oṣù kẹrin, 14 ní karùn-ún, nígbà tí kájú tán, ó já sí 8 ní kẹfà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi 37 yẹn ṣírò oṣù mẹ́ta tó ń bọ̀.

Ní ti ọjà fúnra rẹ̀, gaàrí mú 84 wá, epo pupa 67, ọṣẹ 35. Bídọ̀ọ̀nù epo oní lítà 25 tó wà nílẹ̀ tó 1,400, ìgbà tí epo pọ̀ la rà á. Àwọn ọlọ́jà wa fẹ́ ká dín owó rẹ̀ kù kó tètè lọ. Èmi kò fara mọ́ ọn. Epo máa ń wọ́n nígbà tí èso ọ̀pẹ bá dínkù, ilé ìkẹ́rù wa sì gbà á.

Ohun tí a ń retí lọ́dọ̀ yín, kó tó di Ọjọ́rú, ọjọ́ 16 oṣù keje:

1. Ẹ fọwọ́ sí 2,400,000 sẹ́fà láti tún mọ́tò Kétu ṣe. Ẹ̀rọ rẹ̀ ló bàjẹ́, mẹkáníìkì ní ọjọ́ mẹ́wàá ló máa gbà.
2. Ẹ jẹ́ ká fòfin dè é pé ẹni tó bá jẹ gbèsè ju 45 ọjọ́ lọ kò ní gba ọjà tuntun, àfi tó bá san ìdajì. Ìpàdé pín sí méjì lórí èyí, ẹ̀yin lẹ máa yanjú rẹ̀.
3. Ẹ sọ bóyá ká mú epo dúró títí di oṣù kẹsàn-án.

Ìpàdé gbà láti rán ẹnì kan láti Àjàṣẹ́ lọ jókòó ti ọ̀gá ẹ̀ka Kétu fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n jọ máa yí ilé àwọn oníbàárà ká gba owó. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 14, ló máa gbéra, ìwé àwìn náà ló sì máa kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí bíírò pupa wà.

Akọ̀wé ẹ̀ka títà