Bàtà Ìyá Rọ́nkẹ́

Kí Ìyá Rọ́nkẹ́ tó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ láàárọ̀, á kọ́kọ́ di ògiri mú. Ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ ló burú jù, àfi bíi pé ìṣó ló gún un ní gìgísẹ̀ ọ̀tún. Tó bá fi máa dé ilé ìdáná, ìrora náà á ti rọlẹ̀ díẹ̀. Ọjà Bódìjà ni á ti padà wá bá a, nídìí èlùbọ́, ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, nígbà tó bá ti ń dúró lórí kọnkéré láti aago méje.

Kò sí ohun tí kò fi pa á. Ó fi róòbù, ó fi òrí, ó fi àdí. Ó mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, torí wọ́n ní jẹ̀díjẹ̀dí máa ń sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀. (Tó bá jẹ́ pé gbogbo ohun tí wọ́n ní jẹ̀díjẹ̀dí ń ṣe n'Ìbàdàn ló ń ṣe lóòótọ́, kò ní ráyè sùn.) Ìyá Ìbejì tó ń ta ẹ̀wà ní ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní tiẹ̀ kò gbà pé àìsàn ni.

"Ẹ lọ wádìí. Wọ́n ti da nǹkan síbi tí ẹ ń tẹ̀."

Ẹnikẹ́ni ò wo sílípáàsì tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Rọ́bà ni, ó sì ti fẹ́lẹ́ débi pé tó bá fi tẹ òkúta, ó lè sọ iye igun tí òkúta náà ní.

Nọ́ọ̀sì kan ló kọ́kọ́ wò ó, lọ́jọ́ tí Ìyá Rọ́nkẹ́ lọ yẹ ìfúnpá rẹ̀ wò. Ó mú sílípáàsì náà nílẹ̀, ó gbé e sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà.

"Màmá, èyí lẹ fi ń dúró láti àárọ̀ ṣúlẹ̀?"

Ó fi àtàǹpàkò tẹ ìsàlẹ̀ gìgísẹ̀ rẹ̀, lápá inú. Ìyá Rọ́nkẹ́ pariwo. Nọ́ọ̀sì ní iṣan kan wà tó ti gìgísẹ̀ lọ dé ìdí ọmọ ìka, pé òun ló ń jìyà. Kó wá bàtà tó nípọn, tó di gìgísẹ̀ mú. Kó má fi ẹsẹ̀ lásán rìn nínú ilé mọ́. Tó bá fẹ́ ra bàtà, kó lọ nírọ̀lẹ́, torí ẹsẹ̀ ti máa ń wú nígbà náà.

Ó di ọjọ́ Sátidé kó tó dé Dùgbẹ̀, òun àti Rọ́nkẹ́. Bàtà aláwọ̀ wúrà kan ló kọ́kọ́ fà yọ. Ó rẹwà, ẹnu rẹ̀ rí ṣóńṣó. Ọmọkùnrin tó ń ta òkìríkà náà rẹ́rìn-ín.

"Màmá mi, òde ìyàwó lẹ ń lọ ni, àbí ìdí ọjà?"

Ó tẹ́ páálí sílẹ̀, ó ní kí màmá dúró lé e, ó fi báírò tọ ẹsẹ̀ méjèèjì yí ká. Ti òsì gùn ju ti ọ̀tún lọ.

"Áà! Ọdún méjìléláàádọ́ta tí mo ti ń gbé wọn kiri!"

"Ti òsì la máa wọ̀n, Màmá."

Ó mú bàtà dúdú kan tó fẹ̀ níwájú. Ó di orí àti ìdí rẹ̀ mú bí ẹni fẹ́ ká ẹní: àárín kọ̀, ibi ìka nìkan ló tẹ̀. Ìyá Rọ́nkẹ́ ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ìka kò kan iwájú, ẹ̀yìn kò yọ. Àmọ́ ojú rẹ̀ kò gbà á.

"Bàtà ọkùnrin nìyí o, Rọ́nkẹ́."

"Màámi, ta ló ń wo ẹsẹ̀ yín lẹ́yìn àpò èlùbọ́?"

Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá ló pè é. Ìyá Rọ́nkẹ́ dá ẹgbẹ̀rún mẹ́fà. Wọ́n fà á, ó bínú lọ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n pè é padà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n fàbọ̀ sí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Ó dùn ún títí wọ́n fi wọkọ̀.

Kò san lọ́jọ́ kejì. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó ṣẹ́ nọ́ọ̀sì náà lépè díẹ̀, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run. Lọ́sẹ̀ kẹta, aago méjì lù, ó kọjá, kò mọ̀. Ìyá Ìbejì ló bi í ní nǹkan bí aago mẹ́rin:

"Ẹ ò tiẹ̀ jókòó lónìí?"

Ó ń wọn kóńgò kẹfà fún oníbàárà kan. Ó dákẹ́, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni pé àlejò ni.

Ìgbà tó yá, tábìlì tí Ìyá Ìbejì ń to ẹ̀wà lé bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ìyá Rọ́nkẹ́ wá sílípáàsì àtijọ́ náà lábẹ́ àpò, ó ṣẹ́ ẹ po sí méjì, ó sì fi há ẹsẹ̀ tábìlì.

"Ẹ bá mi gbé e sókè díẹ̀ sí i," Ìyá Ìbejì wí. "Ó ti fẹ́lẹ́ jù."