Ìbéèrè Owó fún Sáfà Tuntun Méjì

Ẹ̀ka Kọ̀ǹpútà,
Ìbàdàn.
8 Oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Sí Ọ̀gá Àgbà Ilé Ìwé.

Ọ̀gá wa, mà,

ÌBÉÈRÈ OWÓ LÁTI RA SÁFÀ TUNTUN MÉJÌ

Ẹ kú ìmúra táàmù tuntun, mà. Mo ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ bá wa fọwọ́ sí ₦11,650,000 kí a fi ra sáfà méjì rọ́pò àwọn méjì tó wà nínú yàrá kékeré ẹ̀gbẹ́ ọ́fíìsì búsárì: ọ̀kan ló ń gbé ìdánwò sórí kọ̀ǹpútà àwọn ọmọ, èkejì ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilé ìwé. Mo mọ̀ pé owó ńlá ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ṣírò gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó kọjá kí n tó kọ lẹ́tà yìí.

Ẹ ó rántí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 Oṣù Kẹfà. Àwọn ọmọ SS2 méjìlélọ́gọ́ta wà lẹ́nu ìdánwò Físíìsì, ọ̀pọ̀ wọn ti lé ní ìbéèrè ogún, ni ojú gbogbo kọ̀ǹpútà bá funfun lẹ́ẹ̀kan náà. Mo sáré lọ sí yàrá sáfà. N kò tíì ṣílẹ̀kùn tí mo ti ń gbọ́ “kọ́, kọ́, kọ́”. Díìsìkì ló ń dún bẹ́ẹ̀, ó ń padà síbi kan náà léraléra, kò sì rí i kà. Wákàtí mẹ́rin ó lé ni a fi tún un ṣe, ọjọ́ Sátidé sì ni àwọn ọmọ tó tún ìdánwò náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó jókòó níwájú bi mí léèrè pé, “Sà, ṣé gbogbo èyí tí mo ti ṣe ti lọ nìyẹn?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó kàn da bírò rẹ̀ sínú àpò, ó sì dorí kodò. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò lọ́kàn mi dòní.

Láti Oṣù Kẹsàn-án 2024 ni mo ti ń kọ ọ́ sínú ìwé nígbàkúùgbà tí ọ̀kan nínú sáfà méjèèjì bá dákú: ọjọ́, aago, ohun tó fà á, àti ìgbà tó padà ṣiṣẹ́. Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nìkan ni mo kà, nítorí ìgbà yẹn ni a nílò wọn. Ọjọ́ 180 ni a fi ṣe ilé ìwé lọ́dún náà, èyí tó jẹ́ wákàtí 1,440. Nínú rẹ̀, wákàtí 130 ni sáfà kan tàbí méjèèjì kò fi ṣiṣẹ́. Ìyẹn ni pé ìdá 91 nínú 100 ni wọ́n fi dúró. Létí, 91 dà bí máàkì tó dára, ṣùgbọ́n wákàtí 130 náà ju ọjọ́ ilé ìwé mẹ́rìndínlógún lọ.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni bó ṣe ń burú sí i. Ní táàmù kìíní, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n dákú, ìdá 95.7 ni wọ́n sì fi ṣiṣẹ́. Ní táàmù kejì, ó di ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án, wọ́n sì bọ́ sí 91.2. Ní táàmù kẹta, ẹ̀ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún ni, wọ́n sì já sí 85.6. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, a máa ń rí ọjọ́ méjìlá gbà láàárín ìdákú kan sí òmíràn. Nígbà tí ọdún fi máa parí, ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù.

Nínú ìdákú mọ́kàndínlọ́gbọ̀n yìí, mẹ́tàlá wá láti ara díìsìkì, àwọn nìkan ló sì jẹ wákàtí 84. Méje wá láti ara àpótí tó ń pín iná fún sáfà, márùn-ún láti ara ooru nítorí pé fáànù inú wọn ti rẹ̀. Mẹ́rin tó kù jẹ́ ti iná ọba tó lọ lójijì kí jẹnẹrétọ̀ tó gbà á. N kò fẹ́ dá sáfà lẹ́bi ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀: sáfà tuntun kò ní wo mẹ́rin yẹn sàn, ìdí nìyẹn tí mo fi fi bátìrì tó máa gbé wọn dúró kún ìbéèrè mi.

Díìsìkì tó wà nínú sáfà ìdánwò ní ibi tó ń kọ iye àyè tó ti kú lára rẹ̀, tí kò lè gba àkọsílẹ̀ mọ́, sí. Ní Oṣù Kẹrin, 312 ni. Èyí ni mo rí láàárọ̀ yìí:

```
Reallocated_Sector_Ct   1864
```

Ọjọ́ tí yóò kú pátápátá ni n kò mọ̀, ṣùgbọ́n kò jìnnà mọ́.

Ọdún 2014 ni a ra méjèèjì. Èyí tó di èsì ìdánwò, owó ilé ìwé àti nọ́ńbà fóònù àwọn òbí mú ń lo Windows Server 2012 R2, Microsoft sì ti dáwọ́ àtúnṣe ààbò rẹ̀ dúró láti 10 Oṣù Kẹwàá 2023. Ihò yòówù tí àwọn olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì bá rí lára rẹ̀ báyìí, ṣíṣí ni yóò wà. Orúkọ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ló wà níbẹ̀, mà.

Ẹ bi mí nígbà kan pé ṣé a kò lè máa tún wọn ṣe lọ. A ti ń ṣe é. Lọ́dún tó kọjá, díìsìkì tòkunbọ̀ márùn-ún gba ₦425,000, àpótí iná méjì gba ₦280,000, owó iṣẹ́ ẹnjiníà jẹ́ ₦215,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦920,000, a kò sì ní ohun tuntun kan láti tọ́ka sí. Ní ti pé kí a kó gbogbo rẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀dà àkọsílẹ̀ wa lè wà níbẹ̀, mo sì fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ìdánwò kò ṣeé gbé síbẹ̀. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já lọ́jọ́ ìdánwò, gbogbo yàrá ló máa dúró. Sáfà tó wà nínú ọgbà wa kò nílò dátà rárá. Láti 2015 ni JAMB ti ń ṣe gbogbo ìdánwò rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, WAEC náà sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2024 pẹ̀lú àwọn tó ń dá fọ́ọ̀mù gbà. Àwọn ọmọ wa gbọ́dọ̀ ti mọ́wọ́ mọ́sẹ̀ sí i kí wọ́n tó dé ibẹ̀.

Bí owó náà ṣe pín nìyí: sáfà kan jẹ́ ₦4,800,000, méjì jẹ́ ₦9,600,000. Bátìrì àti ẹ̀rọ tó máa gbé wọn dúró tí iná bá lọ jẹ́ ₦1,350,000. Díìsìkì ìta méjì tí a ó máa da àkọsílẹ̀ kọ ní alaalẹ́ jẹ́ ₦420,000, ọ̀kan yóò máa wà nínú ọgbà, èkejì yóò máa wà lọ́dọ̀ yín. Okùn àti owó iṣẹ́ jẹ́ ₦280,000. Ẹni tó fẹ́ tà á fún wa sọ pé iye yìí kò ní yí padà títí di 30 Oṣù Kẹsàn-án.

Tí gbogbo rẹ̀ kò bá ṣeé san lẹ́ẹ̀kan, ẹ jẹ́ kí a fi ₦6,850,000 bẹ̀rẹ̀: sáfà ìdánwò, bátìrì, díìsìkì méjèèjì àti owó iṣẹ́. Sáfà kejì lè dúró di Oṣù Kìíní. Bí a bá ṣe é bẹ́ẹ̀, màá gbé àkọsílẹ̀ àwọn òbí lọ sórí sáfà tuntun náà fúngbà díẹ̀, kí èyí tí kò ní ààbò mọ́ lè kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Mo fi ẹ̀dà ìwé tí mo ń kọ ìdákú sí pẹ̀lú ìwé iye owó sẹ́yìn lẹ́tà yìí. Bí ó bá rọ̀ yín lọ́rùn, mà, ẹ jẹ́ kí n wá rí yín kí ìpàdé òbí àti olùkọ́ ti 27 Oṣù Kẹsàn-án tó wáyé, kí ẹ lè bi mí ní ohunkóhun. Tí ẹ bá sì ráyè, ẹ yà ní yàrá sáfà, ẹ ó gbọ́ ìró díìsìkì náà fúnra yín.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Alámòójútó Kọ̀ǹpútà Ilé Ìwé.