Lẹ́tà ìwáṣẹ́ tí mo tún kọ: ipò òṣìṣẹ́ oko ní ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ kòkó, Iléṣà

Lágéré,
Ilé-Ifẹ̀.
Ọjọ́ 9, oṣù Kejì, ọdún 2026.

Sí Akọ̀wé,
Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù Àwọn Àgbẹ̀ Kòkó,
Iléṣà.

Ẹ̀yin bàbá wa,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àbójútó ẹgbẹ́. Mo dúpẹ́ pé ẹ kò kàn ju lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo kọ sí yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ “mo jẹ́ akíkanjú òṣìṣẹ́”, ẹ fa òmíràn sábẹ́ “mo ní ìmọ̀ tó jinlẹ̀ nípa kòkó”, ẹ wá kọ ọ́ sí etí ìwé pé: “Kí lo ṣe? Oko ta ni? Kí ló yí padà?” Ìdáhùn sí ìbéèrè yín ni mo fi tún un kọ látòkè délẹ̀. Iṣẹ́ tí mo ń wá ṣì ni ti òṣìṣẹ́ tí yóò máa bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ nínú oko ní agbègbè Ìperíndó àti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà.

Ọdún 2024 ni mo jáde ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, níbi tí mo ti kọ́ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ àti bí a ṣe ń gbé ìmọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń dáko. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n gbé mi lọ sí Ìdànrè gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀. Mo parí rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá tó kọjá. Ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo fẹ́ sọ ti ṣẹlẹ̀.

Níbi tí mo ti kọ “ìmọ̀ tó jinlẹ̀”, ohun tó wà níbẹ̀ gan-an nìyí. Ẹgbẹ́ kékeré kan tó ní àgbẹ̀ 26 ni mo bá ṣiṣẹ́ ní Ìdànrè. Oníṣòwò tó ń ra kòkó lọ́wọ́ wọn máa ń dá àpò padà pé kòkó inú rẹ̀ ti bu. Nígbà tí mo dé, ẹjọ́ òjò ni gbogbo wọn ń rò. Mo bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún mi ní 100 hóró láti inú àpò kan tí wọ́n dá padà. A fi ọ̀bẹ là wọ́n ní gígùn lójú gbogbo ẹgbẹ́, a tẹ́ wọn sórí pákó. Èyí tó bu nínú wọn jẹ́ 9. Kòkó onípò kìíní kò gbọ́dọ̀ ní ju 3 lọ. Ṣùgbọ́n 14 mìíràn wà tí inú wọn rí bíi síléètì, tí kò ní àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tó yẹ kó ní. Òjò kọ́ ló ń fa ìyẹn. Ohun tó ń fà á ni pé wọ́n ń tú kòkó síta kí ó tó jinná lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìyá kan tó ti ń ṣe kòkó kí wọ́n tó bí mi ló kọ́kọ́ sọ pé, “Ọjọ́ kẹta la máa ń tú u, torí olè.”

Torí olè. Mi ò bá wọn jiyàn. A fẹnu kò pé kí wọ́n máa kó ti ọ̀pọ̀ oko jọ sí àgbàlá bàbá olórí ẹgbẹ́, kí ó wà lábẹ́ ewé fún ọjọ́ mẹ́fà, kí a máa yí i po ní ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹrin. A kan pẹpẹ ọparun, wọn kò sì sá a sójú títì mọ́. Mo yá ẹ̀rọ tí a fi ń wọn omi inú kòkó, a kì í sì di àpò kankan kí ó tó wá sí 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní sáà tó ṣáájú, àpò 9 ni wọ́n dá padà nínú 28. Ní sáà tí mo wà níbẹ̀, 2 ni nínú 31. Mi ò ní sọ pé èmi nìkan ni mo ṣe é. Àwọn ló kan pẹpẹ, àwọn ló ń ṣọ́ ọ lóru. Ohun tí mo ṣe ni ìwọ̀n, àkọsílẹ̀, àti ìpàdé tí a fi là kòkó yẹn.

Níbi tí mo ti kọ “mo mọ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà lò”, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi èyí rọ́pò rẹ̀. Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù ṣòfin ní 2023 pé ẹni tó bá fẹ́ kó kòkó wọ ọ̀dọ̀ wọn gbọ́dọ̀ fi hàn pé a kò gé igbó lulẹ̀ fún oko náà lẹ́yìn ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, 2020, kó sì sọ ibi tí oko wà gan-an. Wọ́n ti ń sún ọjọ́ tí òfin náà máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò ti ń béèrè rẹ̀. Mo bá àwọn àgbẹ̀ náà yà oko 43 sórí fóònù. Mẹ́fà nínú wọn ju hẹ́kítà 4 lọ, àwọn ìyẹn ni mo fẹsẹ̀ rìn yí ká, nítorí òfin fẹ́ ààlà wọn. Àwọn yòókù, nọ́ńbà ojú kan péré tó ń sọ ibi tí oko wà ti tó. Ẹnìkan ti kọ nọ́ńbà wọn sí ìwé ṣáájú mi, ṣùgbọ́n ó gé nọ́ńbà lẹ́yìn pọ́íǹtì kù sí méjì: ó kọ 7.10 níbi tó yẹ kó kọ 7.104312. Ìyẹn nìkan ti gbé oko bàbá kan lọ bíi ìdajì kìlómítà, sínú oko ẹlòmíràn. Mo tún gbogbo rẹ̀ yà. Mo tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé, mo sì fún olórí ẹgbẹ́ ní ẹ̀dà kan.

Ní ti “mo ṣeé fọkàn tán”, èmi náà rí i pé ẹnikẹ́ni lè kọ ọ́. Ẹgbẹ́ dá ₦186,000 jọ fún oògùn kòkó àti owó pọ́m̀pù, ọwọ́ mi ni wọ́n kó o sí. Mo ka rìsíìtì kọ̀ọ̀kan sókè ní ìpàdé, mo sì dá ₦7,500 tó ṣẹ́kù padà lójú gbogbo wọn. Ojú ìwé ìṣirò náà wà nínú ohun tí mo fi ránṣẹ́.

Mo ti yọ “mo lè ṣe iṣẹ́ èyíkéyìí” kúrò pátápátá. Mi ò tíì mọ ọ̀kadà gùn dáadáa, mo ṣì ń kọ́ ọ, mo sì mọ̀ pé iṣẹ́ yín kò lè ṣeé ṣe láìsí i. Ọmọ Ifẹ̀ ni mí, mo gbọ́ Ìjẹ̀ṣà, ṣùgbọ́n bí mo bá ń sọ ọ́, àwọn àgbà yóò mọ̀ pé àlejò ni mí.

Ìwé ẹ̀rí mi, àkọsílẹ̀ àpò kòkó sáà méjèèjì, àti lẹ́tà tí olórí ẹgbẹ́ Ìdànrè fọwọ́ sí wà pẹ̀lú èyí. Bàbá náà ní kí ẹ pe òun tí ẹ bá fẹ́ gbọ́ tẹnu òun. Mo lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù Kẹta, mo sì lè wá sí Iléṣà fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lọ́jọ́kọ́jọ́ tí ẹ bá pè mí. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ nínú oko ọmọ ẹgbẹ́ kan.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Fọlákẹ́mi