Ìfisùn lórí owó ìpamọ́ ẹrù àti dẹ́múréèjì tí ẹ bù lé mi lórí

Ọjà Ògùnpa, Ìbàdàn.
Ọjọ́rú, 28 oṣù Karùn-ún, 2025.

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ilé-iṣẹ́ ejẹ́ǹtì tó ń bá mi kó ẹrù jáde,
Àpápá, Èkó.

Ọ̀gá,

Kọ̀ǹténà ẹsẹ̀-bàtà 20 kan, orí ẹ̀rọ ìránṣọ àti mọ́tò rẹ̀, láti Ningbo ní Ṣáínà

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí ìwé owó tí ẹ fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ 26 oṣù yìí: ₦198,000 fún ìpamọ́ ẹrù, ₦550,000 fún dẹ́múréèjì, àpapọ̀ ₦748,000. Ẹ ní tí n kò bá tíì san án, kọ̀ǹténà mi kò ní kúrò ní tẹ́míná. N kò ní san owó náà bí ẹ ṣe kọ ọ́ yẹn, ìdí rẹ̀ ni mo fẹ́ kọ síbí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ìṣirò, òun ló rọrùn jù. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 5, ni wọ́n sọ kọ̀ǹténà náà kalẹ̀ látinú ọkọ̀. Ọjọ́ 5 yẹn gan-an lẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó méjèèjì títí dé ọjọ́ 26: ọjọ́ 22 ní ₦9,000, ọjọ́ 22 ní ₦25,000. Níbo ni ọjọ́ ọ̀fẹ́ wá wọlé sí? Tẹ́míná ló ń gba owó ìpamọ́, ọjọ́ 3 àkọ́kọ́ sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Ilé-iṣẹ́ tó ni ọkọ̀ òkun ló ń gba dẹ́múréèjì ní tirẹ̀, nítorí kọ̀ǹténà rẹ̀ tó ṣì wà lọ́rùn wa. Ìwé tí wọ́n fi kéde pé ọkọ̀ ń bọ̀, tí ẹ̀yin fúnra yín fi ránṣẹ́ sí mi lórí Wátsáàpù, kọ ọjọ́ 8 ọ̀fẹ́ síbẹ̀ gàdàgbà. Ọjọ́ kejì tí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, ìyẹn ọjọ́ 6, ni a ti ń ka ọjọ́ ọ̀fẹ́, nítorí náà ọjọ́ 9 ni ìpamọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ 14 ni dẹ́múréèjì. Tí ẹ bá kà wọ́n dé ọjọ́ 26, ọjọ́ 18 àti ọjọ́ 13 ni, ìyẹn ₦162,000 àti ₦325,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦487,000. ₦261,000 tó lé lórí rẹ̀, n kò mọ ẹni tí ẹ fẹ́ lọ san án fún.

Lórí bébà ilé-iṣẹ́ yín ni ẹ sì kọ gbogbo rẹ̀ sí. N kò rí ìwé owó tẹ́míná, n kò rí ti ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun. Owó wọn kọ́ ni ẹ ní ẹ ń gbà ni? Ẹ jẹ́ kí n rí ìwé wọn.

Ọ̀rọ̀ tó dùn mí gan-an wá nìyí. Kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ rárá ni gbogbo ìwé ti wà lọ́wọ́ yín: bíìlì ọ́fù ládíǹ, Fọ́ọ̀mù M, sọ́ńkáàpù, ìwé tí wọ́n fi tajà fún mi àti ìwé tó ka ohun tó wà nínú páálí kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ 29 oṣù Kẹrin ni PAAR, ìwé tí àwọn aṣọ́bodè fi ń sọ iye owó ibodè, jáde. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ọjọ́ 2 oṣù yìí, mo fi ₦3,640,000 owó ibodè sínú àkáǹtì yín, ẹ sì fèsì pé ó ti wọlé. Lọ́jọ́ 7, ọmọ iṣẹ́ yín tó ń bójú tó fáìlì mi fi ohùn ránṣẹ́ sí mi: “Mà, a ti san dúúṣì, ẹ lọ fọkàn balẹ̀, kò ní pẹ́ jáde.” Mo ṣì ní ohùn náà lórí fóònù mi. Ṣùgbọ́n rìsíìtì báǹkì tí ẹ wá fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá ní òǹtẹ̀ lára, òǹtẹ̀ náà sì kà pé ọjọ́ 14. Ọjọ́ tí dẹ́múréèjì bẹ̀rẹ̀ gan-an ni ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ san owó tó ti wà lọ́wọ́ yín láti ọjọ́ 2. Ohun tí ẹ fi owó mi ṣe láàárín ìgbà yẹn, n kò bi yín. Àmọ́ ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Ẹ má fi tèmi dípò.

Lẹ́yìn tí ẹ san án, ẹ ní kí tẹ́míná gbé kọ̀ǹténà wá síbi tí àwọn aṣọ́bodè ti ń yẹ ẹrù wò. Láti ọjọ́ 15 ni ẹ ti bèèrè, ọjọ́ 22 ni wọ́n tó gbé e dé. Ẹ ní ẹ̀rọ agbẹ́rù ló bàjẹ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí tẹ́míná ni kò bá lè gbé ẹrù kalẹ̀ fún àyẹ̀wò, kí ló dé tí èmi yóò fi san owó ààyè fún ọjọ́ wọ̀nyẹn? Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Àpápá ló yẹ kí ẹ ti kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Mo bèèrè ìwé yẹn, ẹ ò rí i fi hàn mí. Lọ́jọ́ 23 ni àwọn aṣọ́bodè tú ẹrù sílẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹ̀yin ni ẹ dá a dúró nítorí owó tí a ń jiyàn lé yìí, tí mítà sì tún ń kà lórí rẹ̀.

N kò ní kí ẹ máa bá mi ru gbogbo ẹrù. Ká ní ẹ san owó ibodè lọ́jọ́ 5 tí báǹkì ṣí, tí a tún fi ìjáfara tẹ́míná kún un, ọjọ́ 14 ni ìwé ìtúsílẹ̀ ìbá jáde, kí tirélà sì gbé e lọ lọ́jọ́ 15. Ìpamọ́ ọjọ́ 7 àti dẹ́múréèjì ọjọ́ 2 nìyẹn: ₦113,000. Èyí ni màá san, lọ́jọ́ tí mo bá rí ìwé owó tó ti ọwọ́ tẹ́míná àti ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun wá. Tí tẹ́míná bá yọ ọjọ́ tí wọn kò rí kọ̀ǹténà gbé, ó tún gbọ́dọ̀ dín sí i. Ìyókù, títí kan èyí tó ń gorí rẹ̀ láti ọjọ́ 26, tiyín ni.

Mo fẹ́ kí kọ̀ǹténà jáde, ó pẹ́ tán, lọ́jọ́ Jímọ̀, ọjọ́ 30. Ẹ san ohun tó bá yẹ kó lè jáde, ká jókòó ṣírò rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ọjọ́ 6 oṣù tó ń bọ̀ ni Iléyá. Àwọn télọ̀ tó ti fowó sílẹ̀ fún ẹ̀rọ wọ̀nyí fẹ́ fi rán aṣọ ọdún ni. Tí ọdún bá kọjá, owó wọn ni wọn yóò gbà padà, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ẹ má sì fọwọ́ kan ₦200,000 tí mo fi dúró fún kọ̀ǹténà. Òfìfo kọ̀ǹténà ni owó yẹn wà fún, tí a bá ti dá a padà, ẹ dá a padà fún mi.

Tí n kò bá gbọ́ èsì gidi títí di ọjọ́ 30, lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, mà á gbé gbogbo ìwé wọ̀nyí lọ sí Ṣípásì Káńsù ní Àpápá, kí wọ́n bá wa pe tẹ́míná àti ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun sí i. N ó sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ tí òfin 2007 dá sílẹ̀ láti máa ṣàkóso iṣẹ́ àwọn ejẹ́ǹtì. Kò wù mí kó dé ibẹ̀, ọdún díẹ̀ kọ́ la ti jọ ń ṣòwò bọ̀.

Mo so ẹ̀dà rìsíìtì báǹkì, ìwé ìkéde ọkọ̀ àti ẹ̀rí owó tí mo san lọ́jọ́ 2 mọ́ ìwé yìí. Ohùn ọmọ iṣẹ́ yín, mo ti fi ránṣẹ́ sórí Wátsáàpù yín láàárọ̀ yìí.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ṣadé, oníṣòwò ẹ̀rọ ìránṣọ.