Òrí Inú Agolo

Fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni èmi àti àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé ní Agége fi ń jíròrò lórí fóònù lálaalẹ́ nípa bí a ó ṣe gbé màmá wa láti Ìsẹ́yìn dé Lọ́ńdọ̀nù, àfi bí ẹni pé àwo tánganran ni a fẹ́ fi ránṣẹ́. Ẹni ọdún 71 ni wọ́n. Wọn kò wọ bàálù rí, wọn kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju kí wọ́n kí ènìyàn káàárọ̀ lọ. Owó tí wọ́n ti ń tù jọ láti lọ sí Mẹ́kà ni wọ́n fi rán mi lọ sí yunifásítì, ìdí sì nìyí tó fi jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá pè wọ́n ní Àlàájà, wọn a dá onítọ̀hún dúró, wọn a ní àwọn kò tíì débẹ̀, kí ó má fi orúkọ tí àwọn kò san owó rẹ̀ pè wọ́n.

Ìka ọwọ́ wọn ló kọ́kọ́ fẹ́ dá ìrìn àjò náà dúró. Ní oṣù kẹta tí wọ́n lọ ya àwòrán àti ìka fún físà ní Èkó, ẹ̀rọ náà kọ̀, kò rí ìlà kankan kà lórí ìka wọn. Ogójì ọdún ni wọ́n fi ṣòwò èlùbọ́: wọ́n á bó iṣu, wọ́n á bọ̀ ọ́ sínú omi gbígbóná di ọjọ́ kejì, wọ́n á sá a sóòrùn títí yóò fi gan bí igi, ọ̀bẹ àti èèpo iṣu sì ti fá ìka wọn dán bí ẹ̀yìn ṣíbí. Ọmọbìnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ náà ló fi ìpara díẹ̀ pa á fún wọn, ó nù ún, ìlà náà sì jáde. Láti ọjọ́ náà ni Màmá ti bu òrí sínú agolo kékeré kan, tí wọ́n so ó mọ́ etí ìró wọn. Mo sọ fún wọn pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ gbé òrí wá, wọ́n ń tà á ní Pẹ́kàmù níbí." Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Ẹni tó bá mọ màmá mi mọ̀ pé "mo ti gbọ́" kò túmọ̀ sí "màá ṣe é".

Èmi ní tèmi kọ ìwé kan, mo sì fi ránṣẹ́ kí àbúrò mi tẹ̀ ẹ́ jáde. Mo kọ orúkọ wọn sí i, àdírẹ́sì mi, nọ́ńbà fóònù mi àti ti ọkọ mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí wọ́n fẹ́ lò, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ń lò, àti ọjọ́ tí wọn yóò padà. Mo ní kí wọ́n fún ẹnikẹ́ni tó bá wọ aṣọ iṣẹ́. Ìwé náà dá mi lójú gan-an.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè kan nínú oṣù kẹfà, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́ fún mi, nígbà tí a bá ń ṣa ẹ̀fọ́ tàbí tí a bá ń ká aṣọ. Wọ́n dé pápákọ̀ òfurufú Ìkejà ní aago méje àárọ̀, wọ́n sì bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti ń dúró dè wọ́n pẹ̀lú àga onítáyà. Inú bí wọn. "Ṣé ẹsẹ̀ mi ti kán ni? Èmi tí mo jókòó lórí àpò èlùbọ́ nínú ọkọ̀ akẹ́rù láti Ìsẹ́yìn dé Oyíngbò!" Ọmọ Ìkìrun ni ọmọkùnrin náà, ó sì mọ bí a ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Màmá, kì í ṣe tìtorí ẹsẹ̀. Ẹni tó bá ń ti àga yìí ni yóò máa bá yín fèsì ní gbogbo ibi tí wọ́n bá ti ń béèrè ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá jókòó, ẹ ti ní ẹnu méjì nìyẹn." Wọ́n jókòó. Èmi gan-an ló bá ilé iṣẹ́ bàálù sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n pèsè àga náà, bí ọ̀pọ̀ nínú wa lókè òkun ti máa ń ṣe fún àwọn ìyá tí kò gbọ́ èdè, ṣùgbọ́n n kò rí i ṣàlàyé tó bí ọmọ Ìkìrun yẹn ti ṣàlàyé rẹ̀.

Níbi tí wọ́n ti ń wọn ẹrù ni wàhálà ti fẹ́ ṣẹlẹ̀. Kílò 23 ni wọ́n fàyè gbà fún àpò kọ̀ọ̀kan, òṣùwọ̀n sì ní àpò èlùbọ́ àti ẹja gbígbẹ wọn jẹ́ 24 ààbọ̀. Ọmọ tó wà nídìí rẹ̀ ní kí wọ́n san owó tàbí kí wọ́n yọ nǹkan kúrò. Àbúrò mi ti ń wá owó nínú àpò rẹ̀ nígbà tí Màmá dìde lórí àga, tí wọ́n ní òṣùwọ̀n náà ń purọ́. Wọ́n ní àwọn ti fi kọ́ngò wọn èlùbọ́ náà kí àwọn tó dì í, pé ẹni tó bá ti ń wọn nǹkan tà fún ogójì ọdún kì í ṣi ìwọ̀n, àti pé nínú ọjà, ènìyàn kì í gba ẹ̀rí òṣùwọ̀n kan ṣoṣo. Nítorí kí àwọn tó tò lẹ́yìn má baà pariwo, wọ́n gbé àpò náà sórí òṣùwọ̀n kejì. 22.8 ló wà níbẹ̀. Àbúrò mi fi owó rẹ̀ padà sápò, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi dágbére.

Òṣìṣẹ́ ààbò tí ń yẹ ẹrù ọwọ́ wò rí agolo òrí náà, ó ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì dá a padà. Nǹkan olómi àti ìpara tó bá kọjá mílílítà 100 ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn. Agolo Màmá kò tó ìdajì ìyẹn.

Wọ́n ní nígbà tí bàálù gbéra, kì í ṣe ẹ̀rù ló bà wọ́n bí kò ṣe etí wọn tó di, tí wọ́n sì rò pé àwọn ti dití. Wọ́n fi orógbó sẹ́nu, wọ́n sì ń rún un, etí náà sì là. Ìyàwó ilé kan tí ọmọ rẹ̀ ń sunkún jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, òun ló sì fi hàn wọ́n pé àárín ni a ti ń ti ilẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́ inú bàálù, kì í ṣe etí rẹ̀. Màmá sì gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e pọ̀n fún wákàtí kan ní ọ̀nà àárín àga, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ sì rí oorun sùn. Wọn kò jẹ adìẹ tí wọ́n gbé wá, nítorí wọn kò mọ ẹni tó pa á. Búrẹ́dì àti èso ni wọ́n jẹ.

Nígbà tó tó àkókò ìrun, ìyàwó ilé yẹn ní òun kò mọ ibi tí gábàsì wà lókè ibẹ̀ o. Màmá wo fèrèsé. Oòrùn ọ̀sán tó ti yẹ̀ ń wọlé láti apá òsì, wọ́n sì mọ̀ pé apá ọ̀tún ni gábàsì yóò wà. Wọ́n jókòó sí àyè wọn, wọ́n yí ara díẹ̀ sọ́tùn-ún, wọ́n sì kírun. Nígbà tí wọ́n sọ èyí fún mi, mo yẹ máàpù wò ní ìkọ̀kọ̀. Wọ́n jàre.

Bàálù náà balẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú Hítúrò ní Lọ́ńdọ̀nù ní aago márùn-ún kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Mo ti wà lẹ́yìn irin níbi tí a ti ń dúró de àlejò láti aago márùn-ún. Aago mẹ́fà lù. Aago mẹ́fà ààbọ̀ lù. Gbogbo ẹni tó ń jáde ni mò ń wò bóyá èlùbọ́ wà lára àpò rẹ̀, kí n lè mọ̀ pé bàálù Èkó ni wọ́n bá wá. Aago méje lù. Mo ti ń ro ẹjọ́ tí màá rò fún àbúrò mi.

Níbi tí wọ́n ti ń yẹ ìwé ìrìnnà wò ni Màmá wà. Ẹni tó ń ti àga wọn níbẹ̀ kò gbọ́ Yorùbá, wọ́n sì mú ìwé mi fún obìnrin tó wà nídìí tábìlì. Obìnrin náà kà á, ó mi orí, gbogbo ohun tó fẹ́ mọ̀ ló wà níbẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ gba ìyẹn fún ara mi. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n gbé ìka lé ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà kọ̀. Ó fi aṣọ pélébé nu ìka wọn, ẹ̀rọ tún kọ̀. Ó gbé fóònù, ó fẹ́ pe ẹlòmíràn. Màmá na ọwọ́ sí i pé kí ó ní sùúrù, wọ́n tú etí ìró, wọ́n ṣí agolo, wọ́n fi òrí ra ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti àtàńpàkò dáadáa, wọ́n fi etí ìborùn nù ún, wọ́n sì gbé e lé ẹ̀rọ bí ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tipẹ́. Ó gbà á. Obìnrin náà béèrè ohun tó wà nínú agolo pẹ̀lú ojú, Màmá sì na òrí náà sí i. Ó gbóòórùn rẹ̀, imú rẹ̀ rún, ó sì lu òǹtẹ̀.

Nígbà tí mo rí wọn lórí àga náà, mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, mo ti ń sunkún. Wọ́n ní, "Dìde, Àṣàkẹ́, ilẹ̀ ibí tutù." Wọ́n ju agolo náà sọ́wọ́ mi. "Òrí tí o ní wọ́n ń tà ní Pẹ́kàmù nìyẹn."

Nínú ọkọ̀, wọn kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ títí a fi dé Rái Léènì ní Pẹ́kàmù, tí wọ́n rí iṣu tí wọ́n tò síwájú ṣọ́ọ̀bù kan, tí wọ́n sì béèrè iye rẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ mi. Ó sọ ọ́. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n ń fi ìka ṣírò náírà.

A jẹun tán nílé, wọ́n ṣe àlùwàlá, wọ́n tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé láti kí ìrun ìrọ̀lẹ́. Mo sọ fún wọn pé kò tíì tó, pé nínú oṣù kẹfà, oòrùn kì í wọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù kí aago mẹ́sàn-án tó kọjá. Wọ́n wo aago ọwọ́ wọn, wọ́n wo ti ara ògiri wa. Bákan náà ni méjèèjì, nítorí àwọn ará ibí a máa ti aago wọn síwájú ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí yóò sì bá ti Nàìjíríà dọ́gba. Ọ̀rọ̀ náà kò yé wọn bí aago ṣe lè dọ́gba kí oòrùn má dọ́gba. Wọ́n ní kí n pe àbúrò mi.

"Ṣé ilẹ̀ ti ṣú lọ́dọ̀ yín?"

"Ó ti ṣú tipẹ́, Màmá. A ti fẹ́ sùn. Ẹ̀yin ńkọ́?"

Wọ́n tún wo òde, níbi tí oòrùn ṣì ti ń tàn lórí òrùlé àwọn ará àdúgbò wa. "Ẹ máa sùn ní tiyín," ni wọ́n sọ. "Oòrùn yín wà lọ́dọ̀ mi níbí. Mo ṣì ń dúró dè é."